Ṣùkù Àgbàdo Méjì Ààbọ̀

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó gba oorun lójú mi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan ni ó wà, ìwé tí àbúrò bàbá àgbà mi fi kọ owó tí àwọn ọmọ ilé dá nígbà tí wọ́n fẹ́ kan páànù sí ilé ńlá wa ní Kétu. Bàbá náà ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Mẹ́kọ, ní òdìkejì ẹnubodè, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀. Kò fi nọ́ńbà kọ owó kankan. Ọ̀rọ̀ ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀, láìfi àmì ohùn sí i, láìkán nǹkan kan sí abẹ́ lẹ́tà. Ní ìlà kejì, lẹ́yìn orúkọ ẹni tí ó san owó, ó kọ "edegb", lẹ́tà kan tí omi òjò ti bà jẹ́ tẹ̀ lé e, "ta" sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Bí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ "e", ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni bàbá kọ, èyí tí í ṣe 500. Bí ó bá jẹ́ "a", ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata ni, èyí tí í ṣe 5,000. Èmi ni àwọn ẹbí ní kí n da ìwé náà kọ sí nọ́ńbà, kí ẹ̀dà rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan, nítorí a fẹ́ pààrọ̀ páànù ọ̀hún, olúkúlùkù sì fẹ́ mọ ohun tí baba rẹ̀ ṣe nígbà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ẹni tí ó san owó ìlà kejì yẹn wà láàyè. N kò lè gé owó baba wọn kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, n kò sì lè fi ohun tí kò san kún un.

## Ìṣirò tí kò bára mu

Ìlà mẹ́rin ni ojú ewé náà ní, àpapọ̀ owó sì wà nísàlẹ̀ wọn. Bí bàbá ṣe kọ wọ́n ni mo ṣe kọ wọ́n síbí, àmọ́ mo fi ìlà kékeré dípò lẹ́tà tí ó bà jẹ́:

egbaji
edegb–ta
edegbejo
adotalelegbefa
gbogbo re je egbafa o din adota le nigba

Mo rò pé àpapọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yóò tú gbogbo rẹ̀ fún mi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà kìíní kò ṣòro: ẹgbàajì, 4,000. Ìlà kẹta jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, 1,500. Ìlà kẹrin jẹ́ àádọ́talélẹ́gbẹ̀fà, ìyẹn 1,200 pẹ̀lú 50, tí ó jẹ́ 1,250. Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 6,750 ni. Ohun tí ó kù ni kí n yọ 6,750 kúrò nínú àpapọ̀, kí n sì wo bóyá 500 ni yóò kù tàbí 5,000.

Lẹ́ẹ̀kíní, mo ka "egbafa" bí ẹni pé ẹgbẹ̀fà ni, 1,200, bí ó ti wà ní ìlà kẹrin. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí owó ìlà kìíní nìkan ti jẹ́ 4,000, àpapọ̀ kò sì lè kéré sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo padà wo ìkọ̀wé bàbá dáadáa, mo rí i pé "egbefa" ni ó kọ ní ìlà kẹrin, ṣùgbọ́n "egbafa" ni ó kọ nísàlẹ̀. Ẹgbàafà nìyẹn, 12,000. Mo wá yọ àádọ́ta kúrò, mo fi igba lé e, mo rí 12,150. Mo yọ 6,750, ó ku 5,400.

Ohun tí ó dá mi dúró nìyẹn. Lẹ́tà tí ó bà jẹ́ lè jẹ́ "e", ó lè jẹ́ "a", ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tí yóò sọ ọ̀rọ̀ yẹn di 5,400. Mo ṣe ìṣirò náà ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín ní òwúrọ̀, mo tún un ṣe ní alẹ́, mo fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ṣe é, 5,400 náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bàbá ni ó ṣìrò. Ojú máa ń tì mí báyìí bí mo bá rántí pé mo rò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń fi orí lásán ka owó gbogbo agbo ilé, tí kò sì ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí a kọ́kọ́ ń fura sí.

## Ìyá àgbà àti àgbàdo

Ní ọjọ́ Sátidé kan mo wọ ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́, a gba Sakété àti Pobè kọjá, mo sì dé Kétu kí oòrùn tó mú. Ìyá àgbà tí mo lọ bá jẹ́ ìyàwó ẹbí wa kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ta epo pupa àti gàrí ní ọjà Kétu títí agbára rẹ̀ fi dín kù, kò sì mọ̀wé rárá. Mo bá a lórí àpótí níwájú ilé, ó ń ṣa ṣùkù àgbàdo jọ. Lẹ́yìn tí mo kí i tán, tí ó sì ti béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣí ìwé, mo ka ìlà kejì sí i létí.

"Kí ni o pè?"

Mo tún un pè.

"Ìwọ kò la ẹnu. Gbẹ̀ ni o fẹ́ sọ àbí gbàa?"

Mo ní ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, pé lẹ́tà rẹ̀ ti bà jẹ́, mi ò sì mọ èyí tí bàbá kọ. Ó bi mí pé kí ni wọ́n mú kúrò nínú owó tí a ń pè ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata ńkọ́? Mo ronú díẹ̀, mo ní ẹgbẹ̀rún. Ó ní, "Ta ni ó sọ fún ọ? Níbo ni o ti gbọ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Níbo ni o ti gbọ́ ẹgbẹ̀rún?" N kò lè dáhùn, nítorí òtítọ́ ni ó sọ. Kò sí ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì sí ẹgbẹ̀rún nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé a mú nǹkan kúrò, kò sọ iye tí a mú. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n lódidi, bí ènìyàn ṣe mọ orúkọ ìlú láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìyá àgbà mú ṣùkù àgbàdo mẹ́ta, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi. Ó fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀kẹta, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lọ́gbọọgba, ó ju ìlàjì kan sẹ́yìn, ó fi ìlàjì kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odidi méjì.

"Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ogún, èló nìyí?"

Mo kà á: ogún, ogójì, àádọ́ta.

"Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ igba?"

Igba, irinwó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

"Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹgbàá?"

Ẹgbàá, ẹgbàajì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata.

Ó kàn padà sórí àgbàdo tí ó ń ṣà ni. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń wo ṣùkù méjì ààbọ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ti ń sọ Yorùbá láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé 50, 500 àti 5,000 jẹ́ orúkọ kan náà tí a pè lórí ẹrù mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra. "Ta" tí ó parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀ta, ìyẹn ni pé a ti dé orí ẹrù kẹta. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, yálà "àád" tàbí "ẹ̀ẹ́d", ni ó ń sọ pé ẹrù kẹta náà kò pé, ààbọ̀ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. "D" inú rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹ́kù lára "dín". Irú ẹrù tí ó jẹ́ ni àárín ọ̀rọ̀ ń sọ: ọgọ́ ni ti ogún, ẹgbẹ̀ ni ti igba, ẹgbàa ni ti ẹgbàá. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó ń dárúkọ ohun tí a mú kúrò. Ààbọ̀ ẹrù ni, ẹni tí ó bá ti mọ ẹrù ti mọ ààbọ̀ rẹ̀.

## Ẹ̀yìn ni a ti ń mú un

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú kíka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Bí mo bá rí ẹ̀ẹ́dẹ́gbàarin, ìdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò: "rin", ẹ̀rin ni. Mo wo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀: gbàa, ẹgbàá ni ẹrù náà. Ẹgbàá mẹ́rin jẹ́ 8,000. Lẹ́yìn náà ni mo wo iwájú, mo rí ẹ̀ẹ́d, mo sì yọ ààbọ̀ ẹgbàá kúrò, 1,000. Ó ku 7,000. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa, mo máa ń wo bóyá ìdáhùn náà wà láàárín gbùngbùn ẹrù tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. 7,000 wà láàárín 6,000 àti 8,000, kò sún mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí ìdáhùn kò bá bọ́ sí àárín, ènìyàn ti mú ohun tí kì í ṣe ààbọ̀ kúrò nìyẹn.

Bákan náà ni àwọn òǹkà kéékèèké tí a ń pè lójoojúmọ́ ṣe rí, àmọ́ àwọn yìí máa ń dárúkọ ohun tí wọ́n mú kúrò. Mẹ́rìndínláàádọ́ta: àádọ́ta ni ìdí rẹ̀, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 60 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá wá yọ mẹ́rin kúrò, ó ku 46. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a yọ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú yóò ní mẹ́rin lọ́wọ́ láìmọ ibi tí yóò gbé e sí títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ti mú kí ojú wa mọ́ iwájú. Faransé náà ń ka ogún mẹ́rin fún 80, gẹ́gẹ́ bí ọgọ́rin wa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan 90, ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá ni ó ń wí. Àwa kì í dúró sórí ọgọ́rin kí a máa fi nǹkan kún un. A ti dé ọgọ́rùn-ún, a sì bojú wẹ̀yìn.

Ibì kan wà tí òfin ààbọ̀ yìí ń ti ènìyàn ṣubú, ó sì wà lórí èèpo ìwé bàbá gan-an. Ọdún tí ó kọ síbẹ̀ ni "edegba o le metadiladorin". Ẹni tí ó bá ti kọ́ pé gbà túmọ̀ sí pé kí a yọ 1,000 yóò yọ 1,000 kúrò nínú ẹgbàá, yóò sì rí 1,067, ọdún tí kò sí páànù ní ibì kankan ní ayé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá jẹ́ 1,900. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbàá fúnra rẹ̀ ni igba kẹwàá, àwọn àgbà mìíràn sì máa ń pè é ní ẹgbẹ̀wá títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí a bá dé ẹgbàá láti ìsàlẹ̀, igba ni a ṣì ń kó jọ, ààbọ̀ igba ni a sì ń yọ. Ìgbà tí a bá kọjá ẹgbàá, tí a wá ń kó ẹgbàá jọ, ni ààbọ̀ tó di ẹgbẹ̀rún, èyí ni ó sì sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajì di 3,000. Ìyókù ọ̀rọ̀ ọdún náà kò le: àádọ́rin jẹ́ 80 dín 10, mẹ́tàdínláàádọ́rin sì jẹ́ 67. Ọdún 1967 ni. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, n kò sì mọ ibi tí òwe náà ti bá a mu ju ibi tí ọ̀rọ̀ kan náà ti ń yọ ọgọ́rùn-ún lónìí tí ó sì ń yọ ẹgbẹ̀rún lọ́la.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbìyànjú láti fi ààbọ̀ tú 190, 300 tàbí 400. Igba ó dín mẹ́wàá ni a ń pe 190, ó sọ ohun tí ó yọ ní gbangba. Ọ̀ọ́dúnrún àti irinwó dá dúró, bí a ṣe kọ́ wọn ni a ṣe ń mọ̀ wọ́n.

## "Ta ni ó sọ 'ó lé' níbẹ̀?"

Síbẹ̀, 5,400 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ìyá àgbà pé bí mo bá tilẹ̀ gbà pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata ni, àpapọ̀ tí bàbá kọ fi 400 ju ti àwọn ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní kí n ka àpapọ̀ náà. Mo kà á bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀: ẹgbàafà, ó dín àádọ́ta, ó lé igba.

"Ta ni ó sọ 'ó lé' níbẹ̀? Ṣé ó wà nínú ìwé?"

Mo wo ìwé. "O din" wà níbẹ̀, ó hàn kedere. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "adota", "le nigba" ni bàbá kọ. Kò sí "o" kankan níwájú "le". Èmi ni mo fi í sí i, nítorí pé bàbá fi àlàfo díẹ̀ sáàárín "adota" àti "le". Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àádọ́talénígba ni ó ń wí. Odidi owó kan ni. Kó o jọ ná, kí o tó yọ ọ́." Àádọ́talénígba jẹ́ 250. Ẹgbàafà tí ó dín 250 jẹ́ 11,750. Mo yọ 6,750 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 5,000 géérégé.

Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó. Bàbá kò ṣìrò. Lẹ́tà tí omi bà jẹ́ jẹ́ "a", ẹni ìlà kejì sì ni ó san owó tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni ó wá wúlò fún mi jù lọ láti ìgbà náà. Ọ̀nà méjì ni èdè wa ń gbà fi nǹkan kún nǹkan tàbí yọ nǹkan nínú nǹkan. "Ó lé" àti "ó dín", tí wọ́n ní "ó" níwájú, dúró lẹ́nu ọ̀nà, òǹkà tí ó ṣáájú wọn ti parí kí wọ́n tó dé. "Lé" àti "dín" tí kò ní "ó" wà nínú ilé, wọ́n ti so mọ́ ohun tí ó wà ní ọ̀tún àti òsì wọn, ìṣirò wọn ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí. Ẹgbàá ó lé mẹ́tàlélógún jẹ́ 2,023. Ẹ mú "ó lé" kúrò, kí ẹ wí pé ẹgbàá mẹ́tàlélógún, ó di ẹgbàá lọ́nà mẹ́tàlélógún, 46,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ̀ẹ́dógún rí: ẹ̀ẹ́dógún ni a kọ́kọ́ ń tú, 20 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ 15, kí a tó fi sọ igba di púpọ̀. Ó jẹ́ 3,000. Ẹni tí ó bá sọ igba di púpọ̀ ní ogún kí ó tó yọ márùn-ún yóò rí 3,995, kò sì sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún un, nítorí 3,995 náà jọ owó.

## Òǹkà kan tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá

Ní ìjọ tí mo ń lọ ní Àjàṣẹ́, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé bí kíkà bá bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú Ìwé Númérì, òǹkàwé máa ń sáré tàbí kí ó ráhùn wúyẹ́wúyẹ́ títí yóò fi kọjá. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n kà ní orí kìíní ìwé náà jẹ́ 603,550. Ní ọ̀nà àwọn àgbà, a lè pè é ní ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ó lé egbèjìdínlógún ó dín àádọ́ta. Mo jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ti Kétu dé, mo sì tú u gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti fi hàn mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà.

Mo kọ́kọ́ wá "ó". Méjì ni ó wà níbẹ̀, nítorí náà ẹrù mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: ọgbọ̀n ọ̀kẹ́, egbèjìdínlógún, àádọ́ta. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ọgbọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 600,000. Nínú egbèjìdínlógún, "dín" wà nínú ilé, nítorí náà èjìdínlógún ni mo kọ́kọ́ tú, 18, mo sì fi sọ igba di púpọ̀, ó jẹ́ 3,600. Ó lé ni, mo fi kún un: 603,600. Ó dín àádọ́ta: 603,550. Bí mo bá ti gbàgbé pé "dín" wà nínú ilé, 200 lọ́nà 20 yóò jẹ́ 4,000, n óò yọ 2, n óò rí 3,998, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 603,948. Iye yẹn fúnra rẹ̀ yẹ kí ó fu ènìyàn lára. Ẹni tí ó ń ka ọ̀kẹ́ ọgbọ̀n kì í lọ yọ èjì lójijì, kí ó tún wá yọ àádọ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókúrò máa ń kéré sí i bí a bá ṣe ń lọ sí ìparí ni.

Ọ̀kẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Nígbà owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn sì jẹ́ ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kẹ́, ìyẹn àpò, kí alárù tó gbé e. Nígbà tí mo rántí èyí ni ṣùkù àgbàdo ìyá àgbà tún yé mi sí i. Ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ jẹ́ ibi tí ọwọ́ ti ń kó nǹkan jọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, òkìtì tí ènìyàn lè fojú rí. Bí òkìtì tí ó kẹ́yìn kò bá pé, ojú lásán ti tó láti mọ̀ pé ààbọ̀ ni, kò sí ìdí láti tún un kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ òǹkà ń sọ ohun tí ojú rí lórí ẹní.

Lónìí, bí mo bá lọ sí ọjà níhìn-ín, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọn yóò sọ fún mi, wọn kì í sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata mọ́, ọ̀pọ̀ sì ń sọ ọ́ ní Faransé tààrà. N kò bá wọn jà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún yá láti kọ sí nọ́ńbà, nítorí ẹgbẹ̀rún àti òdo mẹ́ta ti mọ ara wọn. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún nìkan yóò ṣí ìwé baba rẹ̀, yóò rí "edegbata", yóò rò pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí òun ṣì ń gbọ́ ni baba ṣì kọ, yóò sì fi 500 sí i tọkàntọkàn. Èmi náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

## Ojú ewé tí ó kẹ́yìn

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, n kò fọwọ́ kan ohun tí bàbá kọ. Ní gbogbo ojú ewé tí ó ní àpapọ̀ nísàlẹ̀, ìṣirò náà bára mu. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní Kétu, mo ka owó ìlà kejì sí i létí, mo sì la ẹnu dáadáa nígbà tí mo dé gbàa.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni kò tíì yanjú, èyí tí ó kẹ́yìn. Ìlà kan péré ni ó wà lórí rẹ̀, owó tí wọ́n san fún káfíńtà. Bàbá kọ "edegb", omi ti pa lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, "rin" sì wà ní ìparí. Kò sí àpapọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi ìyá àgbà bóyá ó rántí iye tí káfíńtà gbà. Ó ní òun rántí káfíńtà náà dáadáa, ọkùnrin gíga kan tí ó máa ń fi ìṣó sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ iye owó rẹ̀ létí òun. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn, mo kọ 700, mo kọ 7,000 sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.